Yẹ́lò Káàdì Mẹ́rin fún Ìyàwó Kan ní Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì

ÌBÉÈRÈ



Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 9 oṣù náà ni a fẹ́ wọ bàálù ní Èkó. Àwa mẹ́ta là ń lọ láti Ìbàdàn: èmi, ìyá wa tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 67, àti ọmọ mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin yóò wá bá wa níbẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kan tó gba Adisi Àbábà kọjá. Aago méje àárọ̀ ni yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni yóò tún gbéra.

Ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì ló dà wá láàmú. Èmi ní tèmi. Mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́dún 2013 nígbà tí mo ń lọ sí Gánà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọdún 2023 ló máa kú. Mo ti pààrọ̀ páásípọ́ọ̀tù mi látìgbà náà. Ọmọ mi gba tirẹ̀ nílé ìwòsàn àdúgbò wa nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó wà nínú káàdì àjẹsára rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò ìwé kankan. Màmá ní tiwọn ò rántí pé àwọn gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, wọ́n sì ń lo oògùn oríkèé kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbátan wa kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun mọ ọkùnrin kan ní pápákọ̀ òfurufú Èkó tí yóò bá wa ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń lọ gan-an. Ṣé kí a gbà bẹ́ẹ̀? Ta ni mo sì lè bi léèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yóò dá mi lójú kí n tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì?

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, ẹ kú oríire, a ó ṣe é láṣeyọrí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ọkùnrin pápákọ̀ òfurufú, nítorí òun nìkan ló lè ba gbogbo ètò yín jẹ́: ẹ má gbà. Bí ọwọ́ ọkùnrin náà bá tiẹ̀ mọ́ bí omi, tó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gidi ló ní lọ́wọ́, ìwé tó bá fún yín lọ́jọ́ 9 kò wúlò lọ́jọ́ 9. Òfin ìlera àgbáyé sọ pé ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ẹni náà gba abẹ́rẹ́. Àwọn ọjọ́ yìí ni ara fi ń mọ agbára tí yóò fi dojú kọ àrùn náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwé yín ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìkẹyìn tí abẹ́rẹ́ lè wọ ara. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn lè gbà ràn yín lọ́wọ́ ni kó kọ déètì ẹ̀yìn sínú ìwé náà, ìyẹn sì ti di ayédèrú.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an. Gúúsù Áfíríkà ní ẹnikẹ́ni tó ti pé ọmọ ọdún kan sókè, tó bá ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti lè kó ibà pọ́njú, gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dání. Ẹni tó bá sì dúró ju wákàtí méjìlá lọ ní pápákọ̀ òfurufú irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ dání pẹ̀lú. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ibi tí ara ẹni ti ń bọ̀ ni òfin yìí ń wò, kì í wo àwọ̀ páásípọ́ọ̀tù. Òyìnbó tó ń gbé ní Bódìjà, tó gbéra láti Èkó, yóò mú tirẹ̀ wá bíi tiyín.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kì í ṣe àròsọ. Ẹ̀fọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà funfun, tó máa ń jẹni lọ́sàn-án. Òun ló ń gbé kòkòrò ibà pọ́njú kiri. Gúúsù Áfíríkà ní ẹ̀fọn náà, ṣùgbọ́n kò ní àrùn náà. Bí ẹnì kan tí kòkòrò yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ̀fọn ibẹ̀ sì jẹ ẹ́, nǹkan lè bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, ó wà nílẹ̀: lọ́dún 2017 ni ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí yín. Ẹni tí àrùn náà bá wọ̀ lára sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí òfin àgbáyé fi gba orílẹ̀-èdè láyè láti ya ẹni tí kò ní ìwé sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ fojú inú wò ó: ọjọ́ 9 sí 15. Ìgbéyàwó á ti parí, wọ́n á ti kó àga.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wa ò ní gbàgbé ọdún 2012. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn aláṣẹ Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì, wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn kì í ṣe ojúlówó. Olúgbéńga Àṣírù ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa nígbà náà. Ìjọba wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà padà láti Èkó, ó sì di pé ìjọba tọ̀hún tọrọ àforíjì ní gbangba kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àforíjì náà dùn mọ́ wa. Síbẹ̀, kò dá àkókò àti owó àwọn tí wọ́n dá padà fún wọn, àwọn tó mú ojúlówó ìwé dání náà sì jìyà pẹ̀lú àwọn tó rà á lọ́wọ́ alágbàtà. Ìwé ayédèrú ẹnì kan ló ń sọ ti ẹlòmíràn di ohun ìfura.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tiyín fúnra yín rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní kókó kan nínú. Abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà lọ́dún 2013 ṣì wà lára yín. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kà á sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé yí òfin náà padà, àyípadà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ó kan àwọn ìwé àtijọ́ náà, títí kan èyí tí wọ́n kọ ọdún ìparí sí, Gúúsù Áfíríkà sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ kò nílò abẹ́rẹ́ mìíràn. Ẹ má ṣe fi bírò fa igi lé ọdún 2023 tó wà nínú rẹ̀ o! Ìwé tí wọ́n bá pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n tún un kọ, ti bàjẹ́ lójú òfin.

Kókó ibẹ̀ ni pé Nàìjíríà ti pààrọ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé káàdì tuntun ni kí arìnrìn-àjò máa lò, èyí tó ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà, tí wọ́n sì so mọ́ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ẹni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnubodè, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Pọ́ọ̀tì Hẹ́ẹ̀tì, ló ń fúnni. Ẹ óò forúkọ sílẹ̀ lójú ìwé wọn, yellowcardnigeria.com, ẹ óò sanwó níbẹ̀ nípasẹ̀ Remita, ẹ óò mú ibi tí ẹ ti fẹ́ gbà á, ẹ óò sì gbé rìsíìtì, páásípọ́ọ̀tù tuntun àti ìwé 2013 yín lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ń gbà nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí lójú ìwé náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ san, kì í ṣe iye tí ẹnì kan pè fún yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ fún wọn pé pípààrọ̀ ìwé lẹ bá wá. Ẹ má sì ju ìwé àtijọ́ náà nù. Ẹ mú méjèèjì dání dé Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì.

Ti ọmọ yín ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìnà. Òótọ́ ni pé Gúúsù Áfíríkà kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọmọ lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá yìí yóò ti pé ọdún kan kí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá tó dé. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ fi ìka kà á. Òun náà yóò nílò káàdì tirẹ̀, nítorí kò sí káàdì tí ìyá àti ọmọ jọ ń lò. Òbí ló máa ń buwọ́ lù ú fún ọmọ tí kò lè kọ̀wé.

Abẹ́rẹ́ tó gbà ní oṣù mẹ́sàn-án kì í ṣe àsán. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, ó sì ti wà nínú ètò àjẹsára àwọn ọmọ wa láti ọdún 2004. Àmọ́ káàdì àjẹsára ilé ìwòsàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí òkèèrè. Òṣìṣẹ́ ní káńtà kò ní gbà á, kò sì jẹ̀bi. Ẹ gbé ọmọ náà àti káàdì rẹ̀ lọ bá Pọ́ọ̀tì Hẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó lọ, ẹ padà sí ilé ìwòsàn yín kí nọ́ọ̀sì bá yín kọ déètì náà kó hàn ketekete, kó fi nọ́ńbà tó wà lára ìgò abẹ́rẹ́ náà kún un bó bá wà nínú rẹ́jísítà wọn, kó sì lu òǹtẹ̀. Òṣìṣẹ́ Pọ́ọ̀tì Hẹ́ẹ̀tì ni yóò sọ bóyá òun lè gbé e sínú káàdì òkèèrè tàbí kí ọmọ tún un gbà. Bí wọ́n bá ní kó tún un gbà, kì í ṣe ewu fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ẹ kàn bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n fi kòkòrò ààyè ṣe, bíi ti èyí, wà nítòsí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń fúnni ní irú wọn, tàbí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló gba sùúrù, òun ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í ṣe omi lásán. Kòkòrò àrùn náà gan-an ni, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ara ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti mú u lọ́dún 1927, ní àkókò tí àwọn onímọ̀ tó ń wádìí àrùn náà fi Yábà ní Èkó ṣe ibùdó. Ẹni tó wá sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ ní ọdún 1937 ni Max Theiler. Pretoria ni wọ́n bí i, nílẹ̀ Gúúsù Áfíríkà kan náà tí ẹ ń lọ yìí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà lọ́dún 1951. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló ti gbà á láìsí wàhálà ju ibà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́rí lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun ààyè ni, ó lè mú ara tí kò lágbára, ewu náà sì máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ewu tó ṣọ̀wọ́n ni, àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ ló ń bá jà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Màmá ò lè gbà á. Ó túmọ̀ sí pé dókítà ni yóò pinnu, kì í ṣe ẹni tó ń kọ rìsíìtì. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kì í dí abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́. Oògùn oríkèé yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ gbé páálí rẹ̀ àti èyí tó kù nínú rẹ̀ lọ fún dókítà. Bó bá jẹ́ predinísólóònù tàbí ẹbí rẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń lò ó tó mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára àjẹsára ara wọn ti rọlẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ààyè kankan. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ àgbo oríkèé kan lọ́jà láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Nítorí náà, bó bá jẹ́ nínú ike tí kò ní orúkọ ni wọ́n ti ń mu ún, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà láìfi bò. Kí Màmá má sì dá a dúró fúnra wọn nítorí ìrìnàjò. Ó léwu kí ènìyàn dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì. Kí dókítà tún bi wọ́n bóyá ẹyin adìẹ máa ń bá ara wọn jà, torí inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà.

Bí dókítà bá ní rárá, òfin àgbáyé fàyè sílẹ̀. Dókítà yóò kọ ìwé tó sọ ìdí rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kò bá ara wọn mu, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa o: ìwé yìí kì í ṣe àṣẹ ìwọlé. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ni yóò wò ó tí yóò sì sọ ohun tó máa ṣe. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì aṣojú Gúúsù Áfíríkà ní Nàìjíríà kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá. Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lè lọ sórí èyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́? Bó bá wọ bàálù tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan, nítorí ibà pọ́njú kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Etiópíà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà. Láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ti ju méjìlá lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó nílò yẹ́lò káàdì. Ó lè gba abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fàṣẹ sí fún un níbẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti sanwó. Tàbí kó wá bàálù mìíràn tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí mẹ́ta mẹ́rin. Kó má mú èyí tó jẹ́ wákàtí mọ́kànlá, nítorí bí bàálù bá pẹ́ díẹ̀ péré, ìwé tí kò nílò lówùúrọ̀ ni wọ́n máa béèrè lálẹ́. Bí mo bá jẹ́ òun, abẹ́rẹ́ náà ni màá gbà. Ọmọ Yorùbá tó ń lọ tó ń bọ̀ sílé yóò lò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ wá béèrè ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ lè dá yín lójú. Ibi mẹ́ta ni ẹ ó ti wò ó, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba. Ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ló ni òfin. Ẹ̀ka ìlera wọn àti ọ́fíìsì aṣojú wọn ló ń sọ ọ́ jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kó òfin gbogbo orílẹ̀-èdè jọ sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó sọ ọjọ́ orí, wákàtí ìdúró lójú ọ̀nà àti bóyá orílẹ̀-èdè náà gba ìwé gbogbo ọjọ́ ayé. Ìyẹn dára fún ìwádìí, àmọ́ òfin orílẹ̀-èdè kan lè yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, òun ló sì lágbára jù lọ́jọ́ ìrìnàjò. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sí káńtà ní Ìkejà kò mọ òfin Gúúsù Áfíríkà sórí. Ó ní ohun kan níwájú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Timatic, èyí tí àjọ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé ń ṣe. Yóò tẹ orílẹ̀-èdè tó ni páásípọ́ọ̀tù yín, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ ó dúró sí lójú ọ̀nà àti ibi tí ẹ ń lọ, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ló máa tẹ̀ lé, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, torí bí wọ́n bá dá yín padà láti Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì, iléeṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé yín padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ bàálù náà tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n sì tẹ ìrìnàjò yín gan-an sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí olúkúlùkù àti wákàtí tí ẹ ó dúró. Bí ẹ bá kàn béèrè pé, "Ṣé mo nílò yẹ́lò káàdì?", ẹ óò gba ìdáhùn fún ẹni tí kì í ṣe yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ọmọ Nàìjíríà, ọdún kan, láti Èkó tààrà sí Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá." Ẹ gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi wọ́n, torí àrùn kò mọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí nǹkan bá bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, òfin lè yí lóru ọjọ́ kan.

Bí káàdì bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má kàn sọ ọ́ sínú báàgì. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó fún yín, ẹ wò ó pé orúkọ inú rẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà dé lẹ́tà, pàápàá ti Màmá. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló jẹ́ pé orúkọ bàbá wọn ló wà nínú ìwé kan, tí ti ọkọ wọn wà nínú òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, déètì abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ibi tí ẹ ti gbà á. Kí ẹni tó fàṣẹ sí i fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, torí òǹtẹ̀ kì í dúró nípò ìbuwọ́lùwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi fóònù ka àmì onígun mẹ́rin náà. Ohun tó bá gbé jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yín àti déètì yín. Bí kò bá gbé nǹkan kan jáde, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ ju kí òṣìṣẹ́ Johánẹ́sìbọ̀ọ̀gì kọ́kọ́ mọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé yòókù, ẹ má gbé ìdáhùn yìí lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó ń lọ sí Umrah, fún àpẹẹrẹ, abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn ni Sọ́ọ̀dì yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gúnlẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ti gbogbo ọjọ́ ayé bíi ti ibà pọ́njú. Ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni, gẹ́gẹ́ bí irú èyí tó gbà.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, ẹ kọ́kọ́ mú Màmá àti páálí oògùn wọn lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ forúkọ ẹ̀yin àti ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀tì Hẹ́ẹ̀tì kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí ẹ sì pe Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ òní kí ẹ̀gbọ́n yín tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì Adisi Àbábà yẹn.